Ta Ni Yóò Jẹ́rìí fún Aláìsàn? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà àti Àwọn Adájọ́ Àgbà

Sí Ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Nàìjíríà,
àti sí àwọn Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Agbẹjọ́rò ni mí ní Ìbàdàn, ẹjọ́ àwọn tó gbà pé àìbìkítà ní ilé-ìwòsàn ló pa àwọn lára sì wà lára iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mú mi kọ̀wé sí yín. Aláìsàn tó bá pe dókítà lẹ́jọ́ ní láti mú onímọ̀ wá sí kóòtù, ẹni tí yóò ṣàlàyé ohun tó yẹ kí dókítà náà ṣe àti ibi tó ti kùnà. Mi ò bá ìlànà yìí jà, ó tọ́. Àmọ́ onímọ̀ tí wọ́n ní kí aláìsàn mú wá kì í fẹ́ wá, ẹjọ́ a sì kú síbẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀yin tí mo dárúkọ lókè yìí, láìjẹ́ pé a ń dúró de òfin tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kóòtù ń wá, nítorí àwọn ará ìlú náà yóò ka lẹ́tà yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wọ ọ́fíìsì mi ló rò pé bí ìtọ́jú bá ti yọrí sí ibi, dókítà ti jẹ̀bi nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aláìsàn lè kú lọ́wọ́ dókítà tó mọ iṣẹ́ jù lọ, tó sì ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ẹni tó pe ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé dókítà náà ló ni ojúṣe láti tọ́jú òun, pé ìtọ́jú tó ṣe kò tó ìwọ̀n tí iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè, àti pé àìtó yẹn gan-an ló fa ìpalára. Ti ojúṣe kì í sábà ní wàhálà nínú, torí pé fáìlì ilé-ìwòsàn ti fi hàn pé wọ́n gba aláìsàn náà wọlé. Orí méjì tó kù ni ẹjọ́ ti ń ṣubú.

Ìwọ̀n tí iṣẹ́ dókítà ń béèrè yìí, ẹjọ́ kan ní Ìlú Ọba la ti jogún rẹ̀. Ní 1954, wọ́n fi iná mànàmáná tọ́jú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bolam fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ilé-ìwòsàn Friern ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kò fún un ní oògùn tó ń dẹ iṣan, wọn kò sì dì í mú dáadáa. Ara rẹ̀ gbọ̀n débi pé egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé kóòtù ní 1957, ohùn àwọn dókítà tó jẹ́rìí kò ṣọ̀kan. Àwọn kan máa ń lo oògùn yẹn, àwọn mìíràn kì í lò ó, nítorí pé òun náà ní ewu tirẹ̀. Adájọ́ McNair là á yé àwọn ará ìlú tó jókòó láti dájọ́ pé dókítà kò jẹ̀bi bó bá gba ọ̀nà tí àwọn olóye nínú irú iṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sí, kódà bí àwọn mìíràn bá ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀. Bolam pàdánù. Ní 1997, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ìlú Ọba nígbà náà wá fi kókó kan kún un nínú ẹjọ́ tí a ń pè ní Bolitho: kí onímọ̀ kàn dìde kó ní “báyìí ni àwa ń ṣe é” kò tó, ọ̀nà tó ń gbè gbọ́dọ̀ ní ìdí tó bá ọgbọ́n mu.

Òṣùwọ̀n yìí ni àwọn kóòtù wa náà ń lò. Ẹ ó rí i pé inú ìmọ̀ àwọn dókítà fúnra wọn ló ti jáde. Adájọ́ kò lè fi làákàyè ti ara rẹ̀ mọ bóyá àwọn olóye nínú iṣẹ́ agbẹ̀bí fọwọ́ sí ohun kan ní alẹ́ ọjọ́ kan báyìí, ó ní láti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ìdí nìyẹn tí abala 68 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 fi gba kóòtù láyè láti gbọ́ èrò onímọ̀ lórí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ẹlẹ́rìí lásán fojú rí tàbí tó fetí gbọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà lẹ́nu rẹ̀.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò rí onímọ̀ mú wá? Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ilẹ̀ wa ti dáhùn ìbéèrè yìí ní 2006, nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Ojo àti Gharoro. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin kan ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Benin. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán ara kán, èyí tó kán sì wà nínú ara obìnrin náà. Wọ́n tún un ṣí láti wá a, wọn kò rí i yọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ó sì gbára lé ìlànà kan tó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí àìbìkítà. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò sọ pé ó tọ̀nà: kí ni abẹ́rẹ́ ń wá nínú ènìyàn? Ṣùgbọ́n àwọn tó pè lẹ́jọ́ mú ẹ̀rí wá pé abẹ́rẹ́ lè kán lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ tí kò ṣàìbìkítà. Bí wọ́n ti ṣe àlàyé yẹn, ìlànà tí obìnrin náà gbára lé kò lè dá dúró mọ́. Ó nílò onímọ̀ tí yóò já àlàyé wọn, kò sì pe onímọ̀ kankan. Ó pàdánù.

Mo ti ka ìdájọ́ yẹn lọ, mo kà á bọ̀, mi ò sì rí ohun tí àwọn adájọ́ náà ì bá ṣe lọ́nà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀rí tó wà níwájú wọn. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn ìbéèrè tí onímọ̀ kan ì bá bi. Ṣé irú abẹ́rẹ́ tó yẹ fún ibi tí wọ́n ń rán ni wọ́n lò? Ṣé wọ́n ka abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó pa ara dé, bí àwọn nọ́ọ̀sì tíátà ti ń ṣe? Bí wọ́n bá mọ̀ pé ó kán, kí ni olóye nínú iṣẹ́ abẹ máa ń ṣe lẹ́yìn náà: ṣé yóò ya ẹ́síréè lójú ẹsẹ̀ ni, àbí yóò fi í síbẹ̀ torí pé wíwá a kiri léwu ju fífi í sílẹ̀ lọ? Ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn gbogbo wọn gbe àwọn dókítà. Àmọ́ kóòtù ì bá ti gbọ́ ọ láti ìhà méjèèjì. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú ẹjọ́ tó dá lórí ìmọ̀ ìṣègùn, bí dókítà bá wà ní ìhà kan tí kò sí ní ìhà kejì, ẹnìkan ṣoṣo ni adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbẹjọ́rò méjì ló dúró níwájú rẹ̀.

Kí ohun tí onímọ̀ ń ṣe lè hàn kedere, mo fẹ́ gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀. Èmi ni mo rò ó, kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí agbẹ̀bí kankan kò ní dá mọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ní 2019, obìnrin kan tó ń bí ọmọ rẹ̀ kẹta gba iṣẹ́ abẹ bímọ ní ilé-ìwòsàn ìjọba kan. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n gbé e jáde ní tíátà. Nínú ṣáàtì rẹ̀, ìfúnpá jẹ́ 118 lórí 74, ọkàn ń lù ní ìgbà 86 ní ìṣẹ́jú kan. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 15, ọkàn ń lù ní ìgbà 92. Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó di 100, ìfúnpá sì wálẹ̀ sí 108. Lẹ́yìn èyí, ṣáàtì ṣófo. Àkọsílẹ̀ tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti aago méjìlá òru ku 20 ìṣẹ́jú: ọkàn ń sáré ní ìgbà 136, ìfúnpá ti já sí 70, ẹ̀jẹ̀ ti rin ibùsùn. Wọ́n pe dókítà, ó dé lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára fi máa dé, kò sí ohun tó kù ju kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí ẹ̀mí má bàa lọ. Ó yè, àmọ́ kò lè bímọ mọ́.

Ohun tí ọkọ rẹ̀ yóò sọ fún mi ni pé, “Wọ́n pa ìyàwó mi tì.” Gbólóhùn yẹn kò lè dá ẹjọ́ borí. Ẹ wo ohun tí onímọ̀ yóò fi ṣáàtì kan náà ṣe.

Lákọ̀ọ́kọ́, yóò ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń wo ìfúnpá àti ìlù ọkàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí náà nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló yẹ kó sọ ìwọ̀n tó yẹ níbẹ̀. Dókítà agbẹ̀bí ni yóò sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pe dókítà. Mo ti rí ẹjọ́ tó bàjẹ́ nítorí pé dókítà tó wá jẹ́rìí gbówọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ wà. Agbẹjọ́rò ìhà kejì á bi í léèrè ìgbà tó ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ẹ̀rí á sì ti tú.

Lẹ́yìn náà, onímọ̀ yóò sọ ìwọ̀n. Ní àwọn ilé-ìwòsàn kan, ìṣẹ́jú 15 síra ni wọ́n máa ń wo obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ abẹ bímọ. Ní òmíràn, ìdajì wákàtí síra ni, fún wákàtí méjì àkọ́kọ́. Àwọn olóye wà lẹ́yìn ọ̀nà méjèèjì. Nítorí náà, bí ṣáàtì obìnrin yìí bá fi hàn pé ìdajì wákàtí síra ni wọ́n ń wò ó, ẹjọ́ ti tán nìyẹn, kódà bí onímọ̀ tiwa bá gbà pé ìṣẹ́jú 15 ló dára jù. Ohun tí Bolam sọ nìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì ó lé láìwo aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ ti ń yára díẹ̀díẹ̀, tí ìfúnpá rẹ̀ sì ti ń rọ̀? Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tàbí ti nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ sí ìyẹn. Bí ìhà kejì bá mú onímọ̀ wá tó ní bẹ́ẹ̀ làwọn ń ṣe nítorí pé nọ́ọ̀sì kò tó, Bolitho ló máa pàdé: àìtó òṣìṣẹ́ lè jẹ́ ẹ̀bi ilé-ìwòsàn dípò ti nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, àmọ́ kò sọ àìwo aláìsàn di ọ̀nà ìtọ́jú.

Onímọ̀ tó mọ iṣẹ́ yóò tún wo ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ní 2017, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde tí àwọn obìnrin tó lé ní 20,000 kópa nínú rẹ̀, tí àwọn ilé-ìwòsàn Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ó fi hàn pé oògùn tó ń jẹ́ tiranẹsámíìkì ásíìdì máa ń dín ikú kù lọ́dọ̀ obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, bí wọ́n bá fún un láàárín wákàtí mẹ́ta. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lámọ̀ràn lọ́dún yẹn kan náà. Bí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí bá jẹ́ ti 2012, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti bá dókítà wí pé kò lo oògùn náà. Ní 2019, a lè béèrè. Síbẹ̀, onímọ̀ tó jẹ́ olóòótọ́ yóò tún wádìí bóyá oògùn náà wà ní irú ilé-ìwòsàn bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nítorí pé ohun tí dókítà olóye yóò ṣe ní ipò yẹn ni òfin ń wò. Kò fi dókítà kékeré tó wà níbi iṣẹ́ lóru wé ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ìwòsàn ńlá.

Ibi tó le jù ni ti ohun tó fa ìpalára. Ká ní wọ́n rí i ní aago mẹ́wàá pé ẹ̀jẹ̀ ń dà, ṣé ilé ọmọ rẹ̀ ì bá kù síbẹ̀? Kóòtù kò béèrè ìdánilójú, ó ń béèrè èyí tó ṣeé ṣe jù. Bó bá jẹ́ pé ilé ọmọ kò sún kì lẹ́yìn ìbímọ ló fa ẹ̀jẹ̀, onímọ̀ lè sọ pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni fífi ọwọ́ rún ikùn, ọksitósìn àti omi tí a fà sí iṣan máa ń dá dúró bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Èyí gbe obìnrin náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ibi ọmọ ta gbòǹgbò wọnú ẹran ilé ọmọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ ilé ọmọ náà bó ti wù kí wọ́n yára tó. Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, àìbìkítà wà lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló mú ilé ọmọ lọ, a ó sì pàdánù lórí ilé ọmọ. Kí ló máa sọ èyí tó jẹ́ òtítọ́? Ìwé tí dókítà tó ń yẹ ẹ̀yà ara wò nínú láàbù kọ nípa ilé ọmọ tí wọ́n yọ. Agbẹjọ́rò kò lè mọ̀ pé ìwé yẹn ló yẹ kí òun kọ́kọ́ béèrè. Onímọ̀ ló máa sọ fún un. Ní ilé-ìwòsàn mìíràn, wọn kò fi ẹ̀yà náà ránṣẹ́ sí láàbù rárá, ìbéèrè ọ̀hún á sì wà bẹ́ẹ̀ láìní ìdáhùn.

Ẹ̀yin dókítà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ìgbà tí onímọ̀ ń gbe dókítà pọ̀ tó ìgbà tó ń gbe aláìsàn. Ojúṣe rẹ̀ jẹ́ sí kóòtù, kì í ṣe sí ẹni tó sanwó fún un. Ẹlẹ́rìí tó kàn ní “ká ní èmi ni, mi ò ní ṣe é bẹ́ẹ̀” kò wúlò fún mi, nítorí ohun tí òun ì bá ṣe kọ́ ni òfin ń béèrè. Ohun tí mo nílò ni ẹni tó lè wo ojú adájọ́ kó ní kò sí olóye kan nínú iṣẹ́ yìí tó máa ṣe bẹ́ẹ̀, kó sì sọ ìdí, tàbí kó jókòó níwájú mi ní ọ́fíìsì kó sọ fún mi pé kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Bí mo bá ń rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tètè, púpọ̀ nínú àwọn dókítà tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́ lórí ohun tí wọn kò ṣe kò ní fojú kan kóòtù.

Àmọ́ bó ṣe rí nìyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé fáìlì kan tọ dókítà àgbà kan lọ. Ó kà á títí, ó fi ìka kan ojú ìwé kan, ó ní, “Ibí yìí ni wọ́n ti ṣì í ṣe, Lọ́yà. Ó hàn kedere.” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pa fáìlì dé. Ó ní òun àti ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà jọ wà nínú ẹgbẹ́ ni, pé ọmọ òun ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni náà, pé bí òun bá dúró ní kóòtù, kò sí ẹni tó máa tún fi aláìsàn ránṣẹ́ sí òun mọ́. Ènìyàn dáadáa ni, mi ò sì bínú sí i. Àwọn dókítà tí mo tún lọ bá sọ ohun tó jọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn gbà láti kọ ọ́, kó tó di pé ó pè mí lórí fóònù pé kí n dá ìwé òun padà.

Àkókò kò sì dúró dè wá. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní kí ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pè wọ́n láàárín oṣù mẹ́ta. Ilé-ìwòsàn ìjọba sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń lọ. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, obìnrin tí ara rẹ̀ kò tíì yá ní láti gba fáìlì rẹ̀, kó wá agbẹjọ́rò, kí agbẹjọ́rò sì wá onímọ̀ tí yóò sọ bóyá ẹjọ́ wà. Bí ilé-ìwòsàn bá fi fáìlì falẹ̀ fún oṣù méjì, ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò máa ń ṣe ọ̀kan nínú méjì: kó pa ẹjọ́ tó dára tì, tàbí kó sáré gbé ẹjọ́ tí kò mọ ìdí rẹ̀ lọ sí kóòtù.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Mo fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ jáde lórúkọ ẹgbẹ́ pé dókítà tó bá fi òótọ́ inú jẹ́rìí ní kóòtù kò ṣẹ ẹgbẹ́. Ìwé ìlànà ìwà dókítà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ yín gbé jáde ti ka àìtètè dá aláìsàn tó wà nínú ewu lóhùn, àti àìtètè gbé e lọ síbi tó yẹ, mọ́ àìbìkítà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ìlà yẹn lélẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún kóòtù pé ẹnì kan kọjá rẹ̀, ìlànà yín ló ń gbèjà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àkójọ orúkọ àwọn dókítà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, tó gbà láti máa ka fáìlì kí wọ́n sì kọ ìròyìn fún kóòtù, fún ìhà èyíkéyìí tó bá béèrè. Kí fáìlì Ìbàdàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ tàbí Iléṣà, kí ti Èkó lọ sí Ìlọrin tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀ lọ sí Enugu, kí ọ̀rẹ́ àti ọ̀gá má bàa wọ̀ ọ́. Kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ dá owó iṣẹ́ náà, kó sì jẹ́ iye kan náà fún ìhà méjèèjì, kí a má bàa rí ẹni tó ń ta ẹ̀rí.

Ẹ̀yin Adájọ́ Àgbà, abala 274 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa fún yín lágbára láti ṣe ìlànà tí kóòtù gíga yín ń tẹ̀ lé. Ẹ lo agbára yẹn lórí ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, bí ẹni tó pe ẹjọ́ bá fi hàn pé òun wá onímọ̀ títí òun kò rí, kí adájọ́ lè yan ọ̀kan fúnra rẹ̀ láti inú àkójọ yẹn, kí àwọn agbẹjọ́rò méjèèjì sì ní àǹfààní láti bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ìkejì, bí onímọ̀ bá wà ní ìhà méjèèjì, kí wọ́n jọ jókòó ṣáájú ìgbẹ́jọ́, láìsí agbẹjọ́rò láàárín wọn, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí àti ohun tí wọn kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí, pẹ̀lú ìdí. Nínú àpẹẹrẹ mi yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan láàárín wákàtí kan lórí ṣáàtì tó ṣófo, kó sì ku ọ̀rọ̀ ibi ọmọ nìkan fún adájọ́. Ìkẹta, kí aláìsàn tí kò tíì pe ẹjọ́ rí àṣẹ kóòtù gbà kíákíá pé kí ilé-ìwòsàn kó ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ fún un ní odindi láàárín ọjọ́ 14: ṣáàtì, àkọsílẹ̀ tíátà, ìwé oògùn, èsì láàbù. Láìsí ìyẹn, oṣù mẹ́ta tí òfin fún un jẹ́ orúkọ lásán.

Mo mọ̀ pé àwọn dókítà kan yóò sọ pé bí a bá ṣí ọ̀nà yìí, ìbẹ̀rù yóò mú kí àwọn oníṣẹ́ abẹ máa sá fún aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, àti pé àwọn tó kù nílé yóò tẹ̀ lé àwọn tó ti lọ sí òkè òkun. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kò yí padà nínú gbogbo ohun tí mo béèrè. Bolam ṣì wà níbẹ̀ láti dáàbò bo dókítà tó ṣe ohun tí àwọn olóye ń ṣe, ẹrù ẹ̀rí ṣì wà lórí ẹni tó pe ẹjọ́, adájọ́ kò sì dè mọ́ ọ̀rọ̀ onímọ̀ kankan tí ìdí rẹ̀ kò bá dán mọ́rán. Ohun tó máa yí padà ni pé ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ dára yóò rí ẹnu tí yóò fi sọ ọ́.

Ẹgbẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ àkójọ yẹn pẹ̀lú ẹ̀ka kan péré. Mo dábàá ẹ̀ka ìbímọ, nítorí pé níbẹ̀ ni fáìlì tó ń wọ ọ́fíìsì mi ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá ṣetán láti jókòó lé e, èmi àti àwọn agbẹjọ́rò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí yóò wá, a ó sì mú àwọn ẹjọ́ tó kú nítorí àìsí onímọ̀ wá, lẹ́yìn tí a bá ti yọ orúkọ kúrò nínú wọn, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí ohun tí ẹlẹ́rìí kan ì bá yí padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti èyí tí kì bá yí padà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Agbẹjọ́rò kan ní Ìbàdàn